Gígùn áàṣì orí géètì: bí a ṣe ń kọ íńtígírà rẹ̀, àti ìdí tí òmíràn kì í fi í ní ìdáhùn tó ṣeé kọ

Ẹ gbà pé géètì kan fẹ̀ ní mítà 4 láti òpó dé òpó. Oníbàárà ní òun kò fẹ́ kí orí rẹ̀ tẹ́jú, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní áàṣì, kí àárín áàṣì náà sì fi mítà 1 ga ju orí òpó lọ. Wẹ́dà tó gba iṣẹ́ náà ní títì Oǹdó ní Àkúrẹ́ gbọ́dọ̀ mọ iye páìpù tí yóò gé kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Bó bá gé e kúrú, àfi kó jó ègé mìíràn mọ́ ọn níbi tí gbogbo ẹni tó ń kọjá yóò ti máa rí ojú ìsopọ̀. Bó bá gé e gùn jù, páìpù ń ṣòfò.

Ìbéèrè yìí ni àwọn ọmọ ọdún kìíní àti ìkejì ní FUTA ń bá pàdé nínú ìwé ìṣirò wọn lábẹ́ orúkọ gígùn ìlà tó tẹ̀. Àpẹẹrẹ inú ìwé máa ń jáde dáadáa, ti géètì kì í sábà jáde. Mo fẹ́ ká ṣe ti géètì yìí dé ìparí, ká sì rí ohun tó fà á tí kò fi jáde.

Kọ́kọ́ mọ ibi tí ìdáhùn kò lè kọjá

Kí ẹ tó kọ fọ́múlà kankan, ẹ fa ìlà tààrà láti orí òpó òsì dé ṣóńṣó áàṣì. Ó lọ ní mítà 2 sí ọ̀tún, ó sì gòkè ní mítà 1, nítorí náà gígùn rẹ̀ jẹ́ √5, ìyẹn 2.236. Ẹ tún fa òmíràn láti ṣóńṣó dé òpó ọ̀tún. Méjèèjì pọ̀ jẹ́ 4.472. Kò sí bí áàṣì ṣe lè kúrú tó bẹ́ẹ̀, nítorí ìlà tààrà ni ọ̀nà tó yá jù láàárín ojú méjì.

Ní òdìkejì, ẹ̀yin tí ẹ bá gòkè ní mítà 1 lórí òpó, tí ẹ rìn mítà 4 lọ gbọọrọ, tí ẹ sì sọ̀ kalẹ̀ ní mítà 1, ẹ ti rìn mítà 6. Áàṣì wà nínú àpótí yẹn, kò lè gùn tó o. Ìdáhùn wa wà láàárín 4.472 àti 6. Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì síbì kan, a óò lò wọ́n láìpẹ́.

Áàṣì wo ni oníbàárà ń sọ?

Fífẹ̀ àti gíga nìkan kò tíì sọ irú ìlà tó jẹ́. Ó kéré tán, mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Bí wẹ́dà bá kan ìṣó kan mọ́lẹ̀, tó so okùn mọ́ ọn, tó sì fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká, apá òbìrìkìtì ló yà. Fún géètì wa, rédíọ́sì rẹ̀ ní láti jẹ́ mítà 2.5. Ìkejì ni parábólà, tí ìlà rẹ̀ jẹ́ y = 1 − x²/4 bí a bá fi òdo sí àárín géètì.

Ìkẹta ni ìdajì ẹ́lípùsì, òbìrìkìtì tí a fà gùn. Ìṣó méjì ni wẹ́dà fi ń ya èyí. Yóò kan ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mítà 1.73 sí ẹ̀gbẹ́ kan àti ẹ̀gbẹ́ kejì àárín géètì, yóò so okùn mítà 4 mọ́ àwọn méjèèjì láìfà á le, lẹ́yìn náà ni yóò fi ṣọ́ọ̀kì ti okùn náà títí yóò fi le, tí yóò sì máa yà á lọ. Ìlà rẹ̀ ni x²/4 + y² = 1. Èyí ni mo rò pé ó dára jù lójú, nítorí orí òpó ló ti ń dìde sókè ṣánṣán, kò sí igun níbi tí áàṣì àti òpó ti pàdé. Áàṣì méjì yòókù ní igun níbẹ̀.

Kíkọ íńtígírà náà

Gé ìlà náà sí wẹ́wẹ́ títí tí ègé kọ̀ọ̀kan yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́. Ègé kan lọ sí ọ̀tún ní dx, ó sì gòkè tàbí kó sọ̀ kalẹ̀ ní dy. Òfin onígun mẹ́ta Pitagọ́rà sọ pé gígùn rẹ̀ jẹ́ √(dx² + dy²). Yọ dx jáde kúrò lábẹ́ gbòǹgbò, ohun tó kù ni:

L = ∫ √(1 + (dy/dx)²) dx

dy/dx ni bí ìlà náà ṣe dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ tó ní ojú kọ̀ọ̀kan. Gbogbo iṣẹ́ kò ju mẹ́rin lọ: wá dy/dx, fi í lọ́po ara rẹ̀, fi 1 kún un, lẹ́yìn náà kó o sábẹ́ gbòǹgbò. Ààlà íńtígírà ni ibi tí ìlà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, −2 àti 2 fún tiwa.

Ẹ jẹ́ ká fi parábólà dán an wò. dy/dx rẹ̀ jẹ́ −x/2, nítorí náà L = ∫ √(1 + x²/4) dx. Íńtígírà yìí jáde:

(x/2)·√(1 + x²/4) + ln(x/2 + √(1 + x²/4))

Láti òdo dé 2, ó jẹ́ √2 + ln(1 + √2), ìyẹn 2.2956. Ìlọ́po méjì rẹ̀ ni 4.591. Ó wà láàárín 4.472 àti 6, ọkàn wa balẹ̀.

Ibí ni àṣìṣe tí mo ń rí jù lọ nínú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wáyé. Wọ́n á yọ gbòǹgbò kúrò bí ẹni pé √(1 + a²) jẹ́ 1 + a. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá kọ ìdagẹ̀rẹ̀ náà láìka àmì rẹ̀ sí, ìdáhùn yóò jẹ́ 6 géérégé, ìyẹn àpótí yẹn gan-an. Bí ẹ bá fi àmì rẹ̀ sílẹ̀, ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀ yóò pa ara wọn rẹ́, ìdáhùn yóò sì jẹ́ 4, tó jẹ́ fífẹ̀ géètì lásán, tó sì kúrú ju ìlà tààrà lọ. Kì í ṣe parábólà nìkan ni èyí ń bá. Gbogbo áàṣì tó gòkè lẹ́ẹ̀kan tó sì sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ni àṣìṣe yẹn máa ń fún ní àpótí tàbí fífẹ̀. Nítorí náà, bí ìdáhùn yín bá bá ọ̀kan nínú méjèèjì mu láìkù síbì kan, ẹ padà lọ wo ìlà tí ẹ ti yọ gbòǹgbò.

Ti òbìrìkìtì kò gba wàhálà. Ó jáde sí 4.636.

Ẹ́lípùsì

Láti inú y = √(1 − x²/4), dy/dx jẹ́ −x/(4y). Bí a bá fi í lọ́po ara rẹ̀, a rí x²/(16 − 4x²). Fi 1 kún un:

L = ∫ √((16 − 3x²)/(16 − 4x²)) dx

Ìṣòro méjì ló wà níbí, ẹ má pò wọ́n pọ̀. Àkọ́kọ́ kéré. Ní x = 2, ìsàlẹ̀ ìpín náà di òdo, nítorí pé áàṣì dìde ṣánṣán níbẹ̀, ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò sì ní òpin. Gígùn fúnra rẹ̀ kò di aláìlópin o, ọ̀nà tí a gbà kọ ọ́ ni kò dára. Ẹni tó bá lọ fi kaṣúkálétọ̀ wá iye rẹ̀ ní x = 2 yóò rí àmì àṣìṣe lójú rẹ̀. Ojútùú rẹ̀ ni kí a fi igun rìn dípò x: x = 2 sin t, y = cos t. Íńtígírà náà yóò wá di:

L = 2 ∫ √(1 + 3cos² t) dt, láti 0 dé π/2

Èyí kò bú gbàmù níbì kankan. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju 2 lọ, kò sì kéré sí 1.

Ìṣòro kejì ni pé kò sí ẹni tó lè parí rẹ̀. Ẹ fi igun rọ́pò, ẹ pín in sí méjì, ẹ wo ẹ̀yìn ìwé, kò ní jáde. Ọ̀gá wẹ́dà kan tí mo ṣàlàyé rẹ̀ fún bi mí léèrè pé, "Tíṣà, ṣé kò sí fọ́múlà tí ẹ lè kọ sára ògiri fún wa ni?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, nọ́ńbà náà wà, páìpù náà wà. Fọ́múlà tí ẹ ń wá yẹn ni kò sí, wọ́n sì ti fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn pé kò lè sí." Ó wò mí bí ẹni tó ń gba owó tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́.

Kí ló dé tí kò lè sí?

Ká kọ́kọ́ sọ ohun tí a ń wá. Ìdáhùn ìpìlẹ̀ ni ìdáhùn tí a lè fi àwọn ohun tí a mọ̀ kọ tán: agbára x, gbòǹgbò, lọ́gì, agbára e, sáìnì, kósáìnì àti àwọn tó yí wọn padà, kí a rò wọ́n pọ̀ ní iye ìgbà tó ní òpin. Ní àwọn ọdún 1830, ọmọ Faransé kan, Joseph Liouville, fi hàn pé bí íńtígírà kan bá ní ìdáhùn ìpìlẹ̀, ìdáhùn náà kò lè wá láti ibikíbi tó bá wù ú. Ohun tó bá wà nínú ìbéèrè ni yóò wà nínú ìdáhùn. Bí gbòǹgbò kan bá wà nínú ìbéèrè, gbòǹgbò yẹn náà ni yóò wà nínú ìdáhùn, kì í ṣe òmíràn. Ohun tuntun kan ṣoṣo tó lè kún un ni lọ́gì tí a fi nọ́ńbà lásán sọ di púpọ̀. (Áàkì-sáìnì náà wà lára lọ́gì, bí a bá gba gbòǹgbò −1 láàyè.) Ẹ wo ìdáhùn parábólà lókè: apá kan ní gbòǹgbò kan náà, apá kejì jẹ́ lọ́gì. Kò sí ẹlẹ́kẹta.

Ohun tó dára nínú èyí ni pé wíwá ti di ohun tó ní ààlà. Ẹ jẹ́ ká wá ti ẹ́lípùsì ká sì wo ibi tí yóò ti há.

Kọ́kọ́ kó gbogbo gbòǹgbò sí ojú kan. Pe w ní √((16 − 3x²)(16 − 4x²)). Ohun tí a ń ṣe íńtígírà rẹ̀ di (16 − 3x²)/w. Ẹ ṣàkíyèsí pé agbára x lábẹ́ gbòǹgbò ti di 4, ó sì di òdo níbi mẹ́rin tó yàtọ̀ síra.

Ṣé lọ́gì lè wà nínú ìdáhùn? Láti inú 1/x ni lọ́gì ti máa ń jáde. Nítorí náà ẹ wá ibi tí ìbéèrè wa ti ń ṣe bí 1/x. Fún parábólà, bí x bá tóbi gan-an, √(1 + x²/4) ń ṣe bí x/2 + 1/x. Ẹ rí 1/x yẹn? Òun ló bí lọ́gì inú ìdáhùn. Ti ẹ́lípùsì kò rí bẹ́ẹ̀. Bí x bá tóbi, ìpín inú gbòǹgbò ń sún mọ́ 3/4, ohun tó kù lẹ́yìn rẹ̀ sì jẹ́ 1/x², 1/x⁴ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí 1/x. Ní x = 2 pàápàá, níbi tó ti bú, ó ń bú bí 1 lórí gbòǹgbò (2 − x), tí íńtígírà rẹ̀ jẹ́ gbòǹgbò, kì í ṣe lọ́gì. Ilẹ̀kùn lọ́gì ti tì.

Ohun tó kù ni kí ìdáhùn jẹ́ B·w, tí B jẹ́ ìpín lásán tó ní x lókè àti x nísàlẹ̀, láìsí gbòǹgbò nínú. Báyìí, bí x bá tóbi, ìbéèrè wa ń dúró sójú kan ní √3/2, nítorí náà íńtígírà rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa dàgbà bí x. Àmọ́ w ń dàgbà bí x². Kí B·w lè dàgbà bí x péré, B gbọ́dọ̀ máa kéré sí i bí 1/x. Ìpín tó ń kéré bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní x nísàlẹ̀, ìsàlẹ̀ yẹn sì gbọ́dọ̀ di òdo níbì kan. Níbẹ̀ ni B yóò ti bú gbàmù. Ṣé w lè pa á mọ́ra? Rárá, nítorí níbi tí w ti ń di òdo, ìdajì agbára ló fi ń di òdo, B sì ń fi odindi agbára bú. Ìdajì kò lè borí odindi. Nítorí náà B·w yóò bú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gígùn ẹ́lípùsì kì í bú níbì kankan tó ní òpin, a ti rí i pé ní x = 2 pàápàá gbòǹgbò lásán ló ń ṣe. Ìlérí méjèèjì tako ara wọn. Kò sí B. Kò sí ìdáhùn ìpìlẹ̀.

Ẹ wá wo ìdí tí òbìrìkìtì fi bọ́. Bí fífẹ̀ àti gíga ẹ́lípùsì bá dọ́gba, x² orí ìpín yóò pa ara rẹ̀ rẹ́, òkè yóò di nọ́ńbà lásán. Agbára 2 nìkan ló kù lábẹ́ gbòǹgbò. Níbi tí agbára bá jẹ́ 2 tàbí 1, íńtígírà irú èyí máa ń jáde. Nígbà tí William Neile wọn gígùn ìlà y = x^(3/2) ní 1657, ohun tó wà lábẹ́ gbòǹgbò rẹ̀ kò ju 1 + 9x/4 lọ. Àwọn àpẹẹrẹ inú ìwé náà, irú bíi y = x³/6 + 1/(2x), ẹni tó kọ ọ́ ló ti sè é sílẹ̀ kí 1 + (dy/dx)² lè di odindi ìlọ́po ara, kí gbòǹgbò sì pòórá. Ẹ gbìyànjú y = x³ lásán, 1 + 9x⁴ ni ẹ ó bá lábẹ́ gbòǹgbò, kò ní jáde.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo agbára 4 ló burú. ∫ x³√(1 + x⁴) dx jáde wẹ́rẹ́, nítorí x³ tó wà níta ni ohun tí x⁴ ń bí. Ìkìlọ̀ ni agbára 4 jẹ́, ẹ̀rí tòótọ́ ni irú èyí tí a ṣe lókè yìí.

Gbígba nọ́ńbà náà

Wẹ́dà kò nílò ìdáhùn ìpìlẹ̀. Nọ́ńbà ló nílò, ó sì rọrùn. Ẹ pín 0 dé π/2 sí ọ̀nà mẹ́rin, kí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ π/8. Iye √(1 + 3cos² t) níbi márààrún ni 2, 1.88697, 1.58114, 1.19973 àti 1. Ẹ mú ìdajì èyí àkọ́kọ́ àti èyí ìkẹyìn, ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ mẹ́ta àárín, ó di 6.16784. Ẹ fi π/8 sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ sì fi 2 sọ ọ́ di púpọ̀ nítorí ìdajì kejì. Ẹ ó rí 4.8442.

Iye tòótọ́ ni 4.844224. Àṣìṣe wa kò tó ìdá kan nínú ogún mìlímítà, pẹ̀lú kaṣúkálétọ̀ ọwọ́. Ọ̀nà yìí kì í sábà péye tó báyìí fún ìlà mìíràn. Níbí, ohun tí a ń ṣe ń tún ara rẹ̀ ṣe yípo yípo láìní igun, ìdí nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ṣe é dáadáa, ẹ ṣe é pẹ̀lú ọ̀nà méjì kẹ́ ẹ fi wé ti mẹ́rin. Méjì fún wa ní 4.840. Ìyàtọ̀ mìlímítà 4 péré ló wà láàárín wọn, nítorí náà ti mẹ́rin ti sún mọ́ òótọ́ gan-an.

Legendre fún irú íńtígírà yìí ní orúkọ, E, ó sì ṣe tábìlì rẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà:

```python
from scipy.special import ellipe
print(4*ellipe(0.75))
```

0.75 yìí ni ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣubú. Ìwé púpọ̀ ń kọ k = 0.866, tí í ṣe gbòǹgbò 0.75, àmọ́ `ellipe` ń béèrè k². Bí ẹ bá fi 0.866 sínú rẹ̀, kò ní sọ pé ẹ ṣìṣe. Yóò kàn fún yín ní nọ́ńbà mìíràn.

Fún ògiri wẹ́dà, fọ́múlà kan wà tí Ramanujan gbé jáde ní 1914. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ni, kì í ṣe pé ó pé, ó sì tó fún géètì èyíkéyìí. Bí a bá jẹ́ ìdajì fífẹ̀, tí b jẹ́ gíga:

L ≈ (π/2)·(3(a + b) − √((3a + b)(a + 3b)))

Fún a = 2, b = 1, ó fún wa ní 4.8442. Ohun tí mo gbọ́ tí àwọn kan ń lò ni pé kí a mú àárín a àti b, kí a fi π sọ ọ́ di púpọ̀. Èyí jẹ́ 4.712. Ó kúrú ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 13.

Ohun kan kù kí ó tó gé páìpù. Mítà 4 àti mítà 1 wọ̀nyẹn, ṣé etí òde páìpù ni wọ́n wọ̀n tàbí àárín rẹ̀? Bí páìpù bá tẹ̀, etí òde yóò fà, etí inú yóò rún, àárín rẹ̀ ni gígùn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, nítorí náà ìlà àárín ni a ń gé fún. Àánú wà níbí: áàṣì wa yí ojú padà ní ìdajì ìyípo, láti òkè ṣánṣán sí ìsàlẹ̀ ṣánṣán, nítorí náà ìlà òde àti ìlà àárín yàtọ̀ ní π lọ́nà àlàfo tó wà láàárín wọn, láìsí íńtígírà kankan. Fún páìpù tó nípọn ní mìlímítà 50, àlàfo náà jẹ́ 25, ìyàtọ̀ jẹ́ mìlímítà 78 àti ààbọ̀. Bí etí òde bá jẹ́ 4.844, mítà 4.766 ni kó gé.